Páwà báńkì mẹ́ta, fóònù kan: ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n máa ṣáàjì ẹ̀ kí wọ́n tó kú?

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní yunifásítì ló fẹ́ ra páwà báńkì, ó sì ti ṣe ìṣirò tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe: fóònù òun 5,000 mAh, páwà báńkì 10,000 mAh, ẹ̀ẹ̀mejì gééré nìyẹn, tóun bá wá ra 20,000 ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Rúùmméètì ẹ̀ tó ti ń lo ti 10,000 tipẹ́ ló rẹ́rìn-ín, ó ní, "Irọ́ ni jàre, tèmi ò ṣe méjì rí, tó bá ti gbé fóònù kún lẹ́ẹ̀kan, ìgbà kejì kì í dé ìdajì dáadáa tó fi ń kú." Ọmọ yẹn ò gbà, ó ní, "Bóyá tìẹ ni ò dáa." Ni wọ́n bá yá méjì mìíì lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wọn, ọ̀kan 20,000 oníwáyà, ọ̀kan 10,000 aláìníwáyà, ìyẹn èyí tó ń fi òòfà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, wọ́n ní káwọn wò ó.

Kí wọ́n tó ki wáyà bọ ohunkóhun, ó kọ́kọ́ yí ti rúùmméètì ẹ̀ dà, ó ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tí kò sẹ́ni tó ń kà. Ohun tó rí ni pé 10,000 tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú, ti bátìrì inú ẹ̀ ni, ní 3.7V, ìyẹn 37 Wh. Wh yìí ni òṣùwọ̀n gbogbo iná tó wà nínú ẹ̀: ẹ fi mAh lọ́nà fóltì, kẹ́ ẹ wá fi 1,000 pín in. Àmọ́ ẹnu ihò USB, 5V ló ń jáde níbẹ̀, kì í ṣe 3.7V. Wọ́n ní láti gbé fóltì yẹn sókè kí fóònù tó lè gbà á, bí fóltì bá sì ti ń lọ sókè, mAh á máa wálẹ̀, torí iná tó wà nínú ẹ̀ ò pọ̀ sí i. Tí kò bá tiẹ̀ sí òfò kankan rárá, 10,000 yẹn ti di 7,400 nìyẹn. Òfò sì wà, torí iṣẹ́ gbígbé fóltì sókè yẹn ń mú ooru jáde, ooru yẹn gan-an ni ẹ ń fọwọ́ bà lára páwà báńkì tó bá ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ `Rated Capacity: 6000mAh (5V)` sẹ́yìn ẹ̀. Kì í ṣe jìbìtì o, nọ́ńbà méjèèjì lòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́yìn ló kan ẹni tó fẹ́ rà á.

Apá ti fóònù náà ní tiẹ̀. Bátìrì 5,000 mAh ti fóònù ẹ̀, ní 3.85V, gba 19 Wh àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí 19 yẹn tó wọlé tán, nǹkan bíi 22 Wh ló máa gba inú wáyà kọjá, torí fóònù náà ń gbóná tó bá ń gbà á, òun fúnra ẹ̀ sì tún ń jẹ díẹ̀ lára ẹ̀ bó ṣe wà ní títàn yẹn. Ìyẹn ló jẹ́ kó kọ èyí sínú ìwé:

```
6000 × 5 ÷ 1000 = 30 Wh
30 ÷ 22 = 1.36
```

Ó fi han rúùmméètì ẹ̀, ìyẹn ní "Ṣé o rí i báyìí?" Ó wá ku kí wọ́n dán an wò.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé wọ́n gbé páwà báńkì kún, wọ́n jẹ́ kí fóònù wálẹ̀ dé 10%, wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́, wọ́n pa ojú ẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án títí ó fi dé 100%. Tó bá tún wálẹ̀ dé 10% wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́, títí páwà báńkì á fi kú pátápátá, wọ́n wá ro gbogbo ìdá ọgọ́rùn-ún tó wọlé pọ̀. Ẹ má fi iná kéékèèké mẹ́rin tó wà lára ẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n o, èyí tó kẹ́yìn lè wà ní títàn fún ìgbà pípẹ́ tàbí kó kú lójijì.

| Páwà báńkì | Nọ́ńbà iwájú | Nọ́ńbà ẹ̀yìn | Ohun tó wọ fóònù |
|---|---|---|---|
| Oníwáyà kékeré | 10,000 | 6,000 | 133% |
| Oníwáyà ńlá | 20,000 | 12,000 | 268% |
| Aláìníwáyà | 10,000 | 6,000 | 83% |

Ẹ wo ti ìsàlẹ̀ yẹn dáadáa. Ohun kan náà ni wọ́n kọ sí i níwájú àti lẹ́yìn bíi ti oníwáyà kékeré, àmọ́ kò lè gbé fóònù kún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn, ti ihò USB ni, kì í ṣe ti ojú òòfà. Tí iná bá ń fò láti ara páwà báńkì sára fóònù láìsí wáyà, púpọ̀ ló ń di ooru, tí fóònù bá sì yẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú ibi tó yẹ kó wà, tàbí tí àpò fóònù yín bá nípọn, òfò náà á tún pọ̀ sí i. Ó rọrùn láti lò lóòótọ́, mi ò ní purọ́, ẹ kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ẹ sì máa lọ. Èyí tó bá ní ihò fún wáyà náà ló dáa jù nínú irú ẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi wáyà lò ó lọ́jọ́ tí iná bá wọ́n.

Ọ̀rẹ́ wọn kan ní tòun tó jẹ́ 10,000 ń ṣe tó méjì. Ọmọ yìí bi í pé "Fóònù ẹ ti tó ọdún mélòó?" Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, bátìrì ẹ̀ ti rẹ̀ débi pé 100% tiẹ̀ ò tó 100% ti fóònù tuntun, ẹ̀yìn ìyẹn ó tún wá jẹ́ fóònù kékeré. Páwà báńkì yẹn ò sàn ju tàwọn yòókù lọ, fóònù ló ń béèrè díẹ̀. Ohun míì tó lè ba ìṣirò yín jẹ́ ni fóònù tí wọ́n ti sẹ́tì kó máa dúró ní 80%, ẹ máa rò pé páwà báńkì dára gan-an, àṣé fóònù ni kò gbà mọ́.

Ẹnìkan tún gbé òmíì wá tí wọ́n kọ 50,000 sí, tí kò tóbi, tí kò sì wúwo ju ti 10,000 lọ. Èyí ò tiẹ̀ la ìdánwò lọ, ọwọ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. 10,000 gidi máa ń tó nǹkan bíi 200 gíráàmù, torí náà 50,000 gidi á sún mọ́ kílò kan. Tí nọ́ńbà bá ga tí nǹkan náà sì fúyẹ́, tí kò sì sí `Rated Capacity` tàbí Wh kankan lára ẹ̀, ẹ dá a padà sórí káńtà.

Èwo ni kẹ́ ẹ rà? Tó bá jẹ́ pé alaalẹ́ lẹ ń rí iná, kékeré oníwáyà ti tó, torí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lẹ nílò, ẹ̀ẹ̀kan yẹn sì dájú. Tẹ́ ẹ bá máa ń lo ọjọ́ méjì láìrí iná, tàbí ẹ ní fóònù méjì, ẹ gbé ńlá, ó wúwo nínú báàgì ṣá o. 74 Wh ni tiẹ̀, ó sì lè wọ ọkọ̀ òfúrufú nínú báàgì ọwọ́, torí 100 Wh ni wọ́n ń gbà láìbéèrè ohunkóhun. Tó bá jẹ́ 10,000 méjì lẹ fẹ́ yàn nínú ẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn: 5,500 á fún fóònù 5,000 yín ní nǹkan bíi 1.25, 6,400 á fún un ní 1.45. Ọmọ yẹn fúnra ẹ̀, 10,000 oníwáyà tí wọ́n kọ 6,400 sẹ́yìn ẹ̀ ló rà níkẹyìn. Rúùmméètì ẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n jọ pààrọ̀.