Ìkìlọ̀ o! Ẹni tó ní òun fi ráàmù kún láptọ́ọ̀pù mi ní Adó-Èkìtì kò tú síkúrúù kan

Ẹ̀yin ará, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ju ìtìjú lọ. ₦38,000 ni mo kà lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ ní àdúgbò Fájuyì, ní Adó-Èkìtì níbí, pé kó fi ráàmù gíìgì 8 kún láptọ́ọ̀pù mi. Kò fi nǹkan kan kún un. Mo tún un sọ: kò fi nǹkan kankan kún un!

Fídíò ìgbéyàwó ni iṣẹ́ mi. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ni mo fi ń ṣe é, ráàmù rẹ̀ kò ju gíìgì 4 lọ, háàdì dísìkì onígbà pípẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò tó. Àwọn tó ṣe Premiere Pro, ètò tí mo fi ń gé fídíò, sọ fúnra wọn pé gíìgì 8 ló kéré jù. Ẹ má wulẹ̀ bá mi wí, owó ni kò sí. Ìgbéyàwó kan tí mo yà ní Ìkẹ́rẹ́ ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Tí mo bá ti ń rẹ́ńdà, ìyẹn kí n gbé fídíò tí mo ti gé tán jáde, á rọra máa lọ, á dé 37%, á gan pa, Premiere á sì ti ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́ 37%. Ká ní mo ní làákàyè ni, nọ́ńbà yẹn nìkan ì bá ti là mí lójú. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó ń pè mí láràárọ̀, "Ọmọ mi, fídíò wa ńkọ́?", orí mi sì ti gbóná.

Mo bá gbé e lọ bá ọkùnrin náà. Ó wò ó fìrí, ó ní, "Àbúrò, ráàmù ló ń dà ọ́ láàmú." Ó gbé e wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, èmi dúró síta, mo ń jẹ bọ̀ọ̀lì. Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tó fi jáde. Ó ṣí Task Manager, ó tẹ Performance, ó tẹ Memory, ó wá fi ìka lé ibì kan nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ Committed sí: 3.4/15.9 GB. Ó ní, "Ṣé o rí 15.9? Gíìgì 8 lo sanwó fún, mo tilẹ̀ fi èènì lé e fún ọ." Èmi náà wo 15.9, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n." Mo dọ̀bálẹ̀! Mo dọ̀bálẹ̀ fún olè, lójú títì!

Ẹ gbọ́ ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́. Kì í ṣe ráàmù nìkan. Ráàmù ni, pẹ̀lú ààyè tí Wíńdòsì yà sọ́tọ̀ lórí dísìkì sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ pagefile.sys, kó lè kó ẹrù síbẹ̀ nígbà tí ráàmù bá kún. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe ni pé ó wọ Virtual memory, ó sì fi gíìgì 12 síbẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ọ̀fẹ́ ni! Ráàmù gidi wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún ojú ìwé kan náà, wọ́n kọ 4.0 GB síbẹ̀ gbàgàdà, nísàlẹ̀ sì ni Slots used: 1 of 2. Ihò kejì ṣófo bí ó ṣe wà látọjọ́ tí mo ti rà á. Mi ò wò ó. Èmi tí gbogbo àdúgbò ń gbé kọ̀ǹpútà wọn wá bá.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òmùgọ̀ ni mí, kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná: ó ṣiṣẹ́! Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, rẹ́ńdà náà kọjá 37%. Ráàmù kún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọn yóò kó ẹrù sí wà, nítorí náà Premiere kò kú. Ó kàn ń rá ni. Mo bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀sán ọjọ́ kejì ló parí. Disk ń ṣiṣẹ́ ní 100% láti òru mọ́jú, ẹ sì mọ bí ẹ̀ńjìnì iná ṣe ń mu epo. Mo rò pé fídíò ló gùn. Ìyá ìyàwó wá ní mo kọ orúkọ ọkọ ṣìṣe (òótọ́ ni, ẹ̀bi tèmi nìyẹn). Mo tún un rẹ́ńdà, ó kọ̀ jálẹ̀: C: ti kún. Gíìgì 12 tí olè yẹn gbà, pẹ̀lú fáìlì tí Premiere máa ń kó pamọ́, kò jẹ́ kí ààyè ṣẹ́kù.

Àbúrò kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ wo Slots used." Ó ṣí PowerShell, ó tẹ èyí:

```
Get-CimInstance Win32_PhysicalMemory | Select-Object DeviceLocator, Capacity
```

Ráàmù kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ihò ní ìlà tirẹ̀. Gíìgì 4 á jẹ́ 4294967296, gíìgì 8 á jẹ́ 8589934592. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde, 4294967296. Mo dojú láptọ́ọ̀pù dé, eruku ọdún mélòó kan ṣì dì mọ́ orí síkúrúù rẹ̀.

Mo padà lọ. Ọkùnrin náà ní "fáṣúà ráàmù" lòun fi sí i, pé ráàmù kan náà ni. Ó ní ṣé kò ṣiṣẹ́ ni? Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gbé ìpè mi mọ́. Gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi báyìí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́.

Ohun tó sì dùn mí jù nìyí: ráàmù tí mo ní yẹn, ì bá ti gbé iṣẹ́ náà. Mo fa fídíò lọ sí ibi tí 37% bọ́ sí, àwọn fọ́tò ni mo bá níbẹ̀. Fọ́tò 52, bí kámẹ́rà ṣe yà wọ́n, 6000 × 4000. Lórí dísìkì, ọ̀kan kò ju mẹ́gà 8 lọ. Ṣùgbọ́n tí Premiere bá tú u sínú ráàmù, píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 4 ó kéré tán, ìyẹn 6000 × 4000 × 4, mẹ́gà 96 fún fọ́tò kan ṣoṣo! Mo dín gbogbo wọn kù sí 1920 × 1280, ọ̀kan wá di bíi mẹ́gà 10. Mo wọ Edit > Preferences > Memory, mo yí Optimize rendering for sí Memory. Mo dá Virtual memory padà sí Automatically manage. Ó rẹ́ńdà tán ní wákàtí mẹ́ta, kò kú.

Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ ń gé e ló ń já, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máúsì tẹ fídíò náà, ẹ mú Proxy > Create Proxies. Ẹ̀dà kékeré tó fúyẹ́ ni yóò ṣe fún yín láti fi gé e. Ṣùgbọ́n kò ní gba rẹ́ńdà tó ń kú sílẹ̀ o, torí fáìlì gidi ni Premiere máa ń padà sí tó bá fẹ́ gbé fídíò jáde.

Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń ta ráàmù láptọ́ọ̀pù DDR3 gidi ní Adó, kó sọ fún mi. Àmọ́ lójú mi ni wọn yóò ti tú ìdí rẹ̀, mi ò sì ní sanwó títí Slots used yóò fi di 2 of 2.