Ẹ̀bùn fún Ọ̀rẹ́ tí Wọ́n Yọ Fáíbúrọ́ìdì fún: Èwo ni Kí Ẹ Rà, Èwo ni Kí Ẹ Fi Sílẹ̀?

Obìnrin tí wọ́n la ikùn rẹ̀ láti yọ fáíbúrọ́ìdì, ìyẹn kókó inú ilé ọmọ, kì í ti ọsibítù dé kí ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 kí wọ́n tó gbà á láyè láti gbé ẹrù wúwo, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè má tíì tó, nítorí èyí tí ó ti ń dà lára rẹ̀ kí ó tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nítorí èyí, bí mo bá ń fi ẹ̀bùn méjì wéra, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni iṣẹ́ tí ẹ̀bùn náà yóò gbé lé e lọ́wọ́: ṣé yóò ní láti gbé e, láti sè é, tàbí láti ṣàlàyé ohun tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbé páálí tíì, mílíìkì àti kòkó tí a máa ń rà ní Agbeni sí ẹ̀gbẹ́ èso. Tíì àti mílíìkì kò burú, ṣùgbọ́n bí a bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú wọn, wọn kì í jẹ́ kí ara gba oògùn náà dáadáa, nígbà tí ọsàn máa ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn oògùn ìrora kan tí ó lágbára tún máa ń mú kí ìgbẹ́ gan, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ojú abẹ rẹ̀ kò tíì jinná kò gbọdọ̀ máa tiraka ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìbẹ́pẹ pípọ́n wúlò níbẹ̀. Èso ni mo fara mọ́, kì í ṣe agbọ̀n ńlá tí ọ̀pẹ̀yìnbó odindi kún inú rẹ̀, bí kò ṣe ìwọ̀nba tí ẹ ti bó, tí ẹ sì ti gé sínú ike. Bí ó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn kíndìnrín, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ kí ẹ tó ra èso rárá.

Oúnjẹ sísè dára ju oúnjẹ tútù lọ pátápátá. Ẹni tí ẹ bá gbé àpò ìrẹsì àti iṣu wá fún yóò wá ẹni tí yóò sè é, yóò sì máa ronú ohun tí àwọn àlejò yóò jẹ. Ẹ pín oúnjẹ sísè náà sínú ike kéékèèké tí kò ní láti dá padà, ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan jíjẹ, nítorí iná tí kò dúró kò ní jẹ́ kí ìkòkò ọbẹ̀ ńlá pẹ́ nínú fíríìjì. Bí ó bá sì jẹ́ àmàlà ni ọkàn rẹ̀ fẹ́, ẹ bu ewédú àti ọbẹ̀ ata, kí ẹ fi gbẹ̀gìrì sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ẹ̀wà máa ń mú afẹ́fẹ́ kún ikùn tí ojú abẹ ṣì ń dùn.

Ní ti aṣọ, ṣòkòtò onírọ́bà àti ìró tí a ń so mọ́ ìdí lè tẹ ojú abẹ, nítorí ìsàlẹ̀ ikùn gan-an ni wọ́n sábà máa ń là. Gáùn òwú tó fẹ̀, irú èyí tí ẹ lè rán nínú àǹkárá tí ẹ rà ní Gbági, ló dára jù. Ẹ má ṣe ra èyí tó kéré láti fi wú u lórí pé yóò fẹ́ẹ́rẹ́, torí ikùn náà yóò ṣì wú fún ìgbà díẹ̀. Ìrọ̀rí kékeré tó le díẹ̀ kò wọ́n tó gáùn, síbẹ̀ èmi ìbá kọ́kọ́ rà á: yóò máa gbá a mọ́ ikùn bí ó bá fẹ́ wúkọ́, sín tàbí rẹ́rìn-ín, ìrora náà yóò sì dínkù.

Owó ń kọ́? Ó wúlò, ṣùgbọ́n owó tí ẹ fún un lọ́wọ́ lè bọ́ sínú gbèsè ilé. Bí ó bá ń ti Àpáta lọ rí dókítà ní UCH, ẹ san owó dúrópù Máíkírà fún un ní àlọ àti àbọ̀, kí ó lè jókòó nìkan lẹ́yìn, kí awakọ̀ sì rọra gba inú kòtò kọjá.

Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má rà rárá ni bàtà ọmọ ọwọ́ tàbí aṣọ ìkókó “fún ìgbàgbọ́”. Ẹ lè má mọ̀ bóyá kókó nìkan ni wọ́n yọ tàbí wọ́n yọ ilé ọmọ mọ́ ọn, ó sì lè máà tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀. Bí ó bá gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, yóò ní láti dúpẹ́ lójú gbogbo ènìyàn fún ohun tó ń gún un lọ́kàn. Àgbo náà kò yẹ, nítorí dókítà kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì mọ bí yóò ṣe bá oògùn tó ń lò mu.

Ká sọ pé ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni yín. Kí ẹnì kan mú ìrọ̀rí àti gáùn lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹnì kejì gbé èso gígé lọ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ẹnì kẹta gbé oúnjẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí àlejò bá ti dínkù, kí ẹnì kẹrin sì fi dúrópù ọjọ́ dókítà sí ìkáwọ́ ara rẹ̀.