Fọ́tò Pátákó Funfun sí Fáìlì Tó Ṣeé Tún Ṣe: Irú Irinṣẹ́ Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Sanwó Fún?

Ìpàdé parí. Pátákó kún fún àpótí àti ọfà, ẹnì kan fa fóònù yọ, ó ya fọ́tò, wọ́n sì nu pátákó mọ́. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá fẹ́ sọ fọ́tò yẹn di ohun tí ẹ lè tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ méjì ló so pọ̀ mọ́ra. Èkíní ni kíka ọ̀rọ̀ inú àpótí. Èkejì ni mímọ inú àpótí tí ọfà kọ̀ọ̀kan ti jáde àti inú èyí tó wọ̀. Kò sí ẹni tó ń ta irinṣẹ́ báyìí tí kò ní sọ pé òun ń ka ọ̀rọ̀. Ọfà ni kí ẹ fi dán wọn wò, torí àwòrán tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé tí ọfà rẹ̀ sì sọnù, òkìtì ọ̀rọ̀ lásán ló kù.

Pátákó kan náà ni mo fi ń dán gbogbo wọn wò. Ọ̀nà tí ìbéèrè fún ohun èlò ń gbà ni mo yà síbẹ̀: àpótí 7, ọfà 9, márùn-ún nínú ọfà náà ní ọ̀rọ̀ lára. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tó le sínú rẹ̀. Ọfà «rárá» kan rìn jìnnà padà síbẹ̀rẹ̀, ó sì gba orí ọfà mìíràn kọjá. Láàárín ilé ìpamọ́ àti olùtajà, ọfà méjì ló wà, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Ohun tó yẹ kó jáde nìyí:

```
flowchart LR
A["Ìbéèrè wọlé"] --> B["Ọ̀gá ẹ̀ka"]
B -->|bẹ́ẹ̀ ni| C["Ẹ̀ka owó"]
B -->|rárá| A
C -->|bẹ́ẹ̀ ni| D["Ìwé ìrajà"]
C -->|rárá| A
D --> E["Olùtajà"]
E --> F["Ilé ìpamọ́"]
F --> G["Òṣìṣẹ́ gbà á"]
F -->|dá a padà| E
```

Mermaid ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìkọ̀wé yìí. Lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́, ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún ọfà kan, nítorí náà ẹ lè kà á, kí ẹ sì fi wé fọ́tò láìṣe wàhálà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Àwọn irinṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Irú irinṣẹ́ | Ọ̀rọ̀ | Ọfà | Ohun tí ẹ máa gbà |
|---|---|---|---|
| Akàwé (OCR) | Ó ń kà á, ìkọ̀wé ọwọ́ máa ń dà á láàmú | Kò rí wọn | Ọ̀rọ̀ lásán |
| Asọ-fọ́tò-di-ìlà | Ìlà ló kà á sí | Ìlà ni, kò so mọ́ nǹkan kan | Àwòrán SVG, irú fáìlì àwòrán tí wọ́n fi ìlà ṣe |
| Ẹ̀rọ olóye tó ń wo àwòrán | Ó dára púpọ̀ | Ó ń rí wọn, ó tún lè hùmọ̀ tirẹ̀ | Mermaid tàbí àwòrán tó so pọ̀ |
| Ọwọ́ ara yín nínú draw.io, áàpù tí wọ́n fi ń ya àpótí àti ọfà | Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́ | Bí ẹ bá ṣe fà á | Fáìlì tó so pọ̀ dáadáa |

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí akàwé, torí òun ló pọ̀ jù lọ́jà, òun náà ni wọ́n sábà máa ń fi orúkọ mìíràn tà. Tesseract kò gba kọ́bọ̀. Ilé iṣẹ́ HP ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2005. Ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ìkọ̀wé máákà. Google Docs náà lè ṣí fọ́tò tí ẹ gbé sínú Drive kó sì yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde. Ìṣòro tó kan gbogbo wọn kan náà ni: wọ́n ń kà láti òsì sí ọ̀tún, láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ẹni ń ka ojú ìwé. Lórí pátákó mi, «Ọ̀gá ẹ̀ka» àti «Ẹ̀ka owó» wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ìlà méjì. Akàwé á gba òkè kọjá lẹ́ẹ̀kan, á kọ «Ọ̀gá Ẹ̀ka», á wá gba ìsàlẹ̀, á kọ «ẹ̀ka owó». Ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, àpótí méjèèjì sì ti bàjẹ́. Ó ṣeé dín kù díẹ̀ tí ẹ bá sọ fún Tesseract pé ọ̀rọ̀ tó fọ́n káàkiri ló fẹ́ wá, kó sì kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀:

```
tesseract patako.png abajade -l yor --psm 11 tsv
```

Fáìlì tó máa jáde á sọ bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí òsì àti sí òkè fọ́tò. Ẹ lè fi ìyẹn pín ọ̀rọ̀ sí àpótí, àmọ́ ọfà kankan kò ní sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwa tó ń kọ Yorùbá sórí pátákó: ọ̀pọ̀ áàpù máa ń fọ fọ́tò mọ́ kó tó kà á, ìdọ̀tí kéékèèké ló sì kọ́kọ́ ń nù. Àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà wa, ìdọ̀tí ni lójú rẹ̀. Bí ó ṣe ń pa ti «ẹ̀ka» rẹ́ náà ni ó lè rí àbàwọ́n lábẹ́ «owó», kó sì fi «ọwọ́» lé yín lọ́wọ́. Bí áàpù náà bá ní bọ́tìnì tí ẹ fi lè pa ìfọ̀mọ́ yẹn, àǹfààní ńlá ni.

Lórí asọ-fọ́tò-di-ìlà, mi ò ní pẹ́. Potrace àti Trace Bitmap tó wà nínú Inkscape ń ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa, àwòrán tó mọ́ rekete ni ẹ máa gbà. Àmọ́ ẹ fa àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọfà rẹ̀ á dúró síbi tó wà. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ láti tún un kọ, ẹ ó rí i pé lẹ́tà kọ́ ni, ìlà tó wọ́ bí lẹ́tà ni. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé fáìlì rẹ̀ ṣeé tún ṣe torí pé SVG ni, ẹ ní kó fa àpótí kan kí ẹ wò ó.

Ẹ̀rọ olóye tó ń wo àwòrán ló yí ọjà yìí padà, òun náà sì ni mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lé lórí. Ó ń ka ìkọ̀wé ọwọ́ dáadáa, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlà méjì nínú àpótí kan, nǹkan kan ni, ó sì lè kọ Mermaid jáde tààrà. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń lo ọgbọ́n níbi tó yẹ kó lo ojú. Ó ti rí ọ̀pọ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ó sì mọ bó ṣe sábà máa ń rí. Níbi tí ọfà bá ti ṣókùnkùn, ohun tó bọ́gbọ́n mu ló máa kọ.

Irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí fún mi ní ọfà 9 géérégé látinú pátákó mi. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì síbẹ̀. Ìgbà tí mo kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan ni mo rí i pé ọfà «dá a padà» ti sọnù, ọ̀kan tí n kò yà rárá sì ti gba ipò rẹ̀, láti «Òṣìṣẹ́ gbà á» padà sí «Ìbéèrè wọlé». Ọfà «rárá» tó ti ẹ̀ka owó wá pẹ̀lú ti yà sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka níbi tí ìlà méjì ti gba orí ara wọn. Àṣìṣe akàwé máa ń hàn síta, ọ̀rọ̀ á rí wúruwùru. Ti èyí máa ń wọ aṣọ tó mọ́.

Nítorí náà, iye ọfà nìkan kò tó. Ẹ ní kó kọ́kọ́ to ọfà sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti wá, ibi tó lọ, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kó tó ya ohunkóhun. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú fọ́tò kan náà. Ìlà tí àbájáde méjèèjì kò bá ti bára mu, ẹ lọ wo fọ́tò níbẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ìka tọ àwọn tó bára mu náà lójú fọ́tò, torí ó lè ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọfà 9 kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí irinṣẹ́ kò bá lè fún yín ní irú àkójọ yìí, tí àwòrán tó ti parí nìkan ló ń fúnni, èmi ò ní rà á.

Tí àkójọ bá ti tọ́, ẹ lẹ Mermaid náà mọ́ inú draw.io láti abẹ́ Insert. Ó máa bi yín bóyá Diagram tàbí Image lẹ fẹ́. Diagram ni kí ẹ mú, torí Image á tún sọ ọ́ di fọ́tò mọ́ yín lọ́wọ́.

Fọ́tò fúnra rẹ̀

Ohun tó kéré jù lórí pátákó ni orí ọfà, òun sì ni ó ń sọ ibi tí nǹkan ń lọ. Ká ní pátákó yín fẹ̀ tó mítà 2, tí fọ́tò sì fẹ̀ tó píksẹ́lì 4000. Sẹ̀ǹtímítà kan di píksẹ́lì 20, orí ọfà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 1 ṣì hàn kedere. Ẹ wá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ nínú áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tó dín in kù sí píksẹ́lì 1600. Sẹ̀ǹtímítà kan di píksẹ́lì 8, orí ọfà sì di kókó dúdú kan. Lẹ́tà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 ṣì ní píksẹ́lì 24, ó ṣeé kà, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi máa ń pé nígbà tí ọfà ń kọjú síbi tí kò yẹ. Fáìlì gangan láti inú fóònù ni kí ẹ lò. Ẹ pa fíláàṣì, ẹ sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí iná má bàa tàn padà láti ojú pátákó. Igun tó wọ́ ṣeé tún nà, ibi tí iná bò kò ṣeé gbà padà.

Tí ẹnì kan bá kọ àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù sórí pátákó, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé irinṣẹ́ kankan. `l` àti `1`, `O` àti `0` jọra jù, ìlà tí wọ́n sì fà sábẹ́ àdírẹ́sì máa ń gbé `_` mì. Ẹ̀rọ olóye tilẹ̀ lè tún un ṣe di àdírẹ́sì mìíràn tó wà lóòótọ́. Ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí i pé ojú ewé tí ẹ ń wá ni.

Ta ló yẹ kó ra kí ni?

Bí pátákó kan tàbí méjì ni ẹ ń ṣe lóṣù, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ gbé fọ́tò sísàlẹ̀ nínú draw.io, ẹ tì í pa kó má baà rìn, ẹ fi àpótí lé àpótí lórí, kí ẹ sì fa ọfà láti etí àpótí kan dé etí èkejì títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn. Àpótí 7 kò tó ohun tí èèyàn ń sanwó lé. Bí orúkọ àti àkọsílẹ̀ nìkan lẹ nílò, bíi àwọn ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó, akàwé ọ̀fẹ́ tó.

Bí ó bá jẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí àpótí sì ń lé ní ogún, ẹ̀rọ olóye ló yẹ. Ẹ béèrè bóyá fọ́tò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gba owó lé tàbí oṣù, torí yíyẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì á sọ iye fọ́tò yín di ìlọ́po méjì. Ẹ béèrè pẹ̀lú ibi tí fọ́tò ń lọ àti ìgbà tí wọ́n ń pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ inú ilé ló wà lórí pátákó. Lákòókò ìdánwò ọ̀fẹ́, ẹ má lo àwòrán àpẹẹrẹ tiwọn. Ẹ ya pátákó tiyín, kí ìlà kan gba orí èkejì, kí ọfà méjì wà láàárín àpótí méjì, kí ẹ kọ iye wọn síbì kan kí ẹ tó ya fọ́tò. Nígbà tí fáìlì bá jáde, ẹ ṣí i nínú áàpù tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, kì í ṣe nínú tiwọn, kí ẹ di àpótí àárín mú, kí ẹ fà á sókè, kí ẹ wo iye ọfà tó tẹ̀ lé e.