Mo gbé Kámírì àlòkù fún àwọn tó ń díye lé ọkọ̀ ní Àbújá: ohun tí wọ́n ṣe, àti máàkì tí mo fún wọn

Kìlómítà méje. Ohun tó wà lójú sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, nìyẹn, ojú mi báyìí sì ni ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé "kò sí àléébù kankan nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀". Ìbínú ọjọ́ yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n parí rẹ̀ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

N ò ní dárúkọ wọn. Iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n á wá bá ọ níbi tí ọkọ̀ wà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì kọ iye tó tọ́ kí wọ́n tà á sínú ìwé fún ọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà ni wọ́n gbà. Ọkọ̀ tí a pè wọ́n sí ni Tòyótà Kámírì Mọ́sù 2008, ẹ́ńjìnnì 2.4. Bàbá kan tó fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ń tà á ní Kúbúwà, èmi ni mo bá ẹni tó fẹ́ rà á lọ. Bàbá ń pè é ní 2009, ṣùgbọ́n lẹ́tà kẹwàá nínú nọ́ńbà ṣásí jẹ́ 8, 2008 náà sì ni 8 yẹn. Ọ̀rọ̀ ọdún tán síbẹ̀.

Ọmọkùnrin náà dé lásìkò, ó kí gbogbo èèyàn dáadáa, aṣọ rẹ̀ mọ́. Ó ní kí Bàbá ṣíná ọkọ̀ kí òun tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, torí pé ẹ́ńjìnnì tí ó tutù ló máa ń sọ òótọ́. Ó fi sìkánà sí i, kò rí kóòdù àléébù kankan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ó mọ́ tónítóní."

"Àbúrò, sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Ka ìlà yẹn."

Ìlà tí mò ń tọ́ka sí ni `Distance since codes cleared: 7 km`. Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti pa gbogbo kóòdù rẹ́, ọkọ̀ náà kò sì tíì rìn ju kìlómítà méje lọ látìgbà náà. Tí a bá pa kóòdù rẹ́, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò kátálíìsì, ohun tó ń sọ èéfín ọkọ̀ di mímọ́, sì wà lára èyí tó máa ń pẹ́ jù. Sìkánà ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyẹn kò tíì parí. Ẹni tó bá kọ "kò sí àléébù" sórí irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó yẹ aláìsàn wò kó tó jí. Bàbá kò tilẹ̀ fi pamọ́. Ó ní, "Mẹkáníìkì mi ló bá mi pa iná yẹn láàárọ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ, kò sì yí ohun tó kọ padà.

Ìwé dé lálẹ́ ọjọ́ náà: mílíọ̀nù mẹ́fà ó lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ìyẹn 6,900,000. Mo ka bó ṣe ṣírò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 5,900,000. Ó fi 500,000 lé e torí pé máìlì 98,412 ni mítà ń fi hàn, ó ní ọkọ̀ náà kò tíì rìn púpọ̀. Ó tún fi 650,000 lé e torí rìsíìtì tí Bàbá mú wá pé òun pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì sí Bẹ́líjíọ̀mù ní 2022. Lẹ́yìn náà ló yọ 150,000 nítorí ọ̀dà ilẹ̀kùn kan.

Ọ̀rọ̀ mítà ló kọ́kọ́ dùn mí. Ìtàn ọkọ̀ náà láti Amẹ́ríkà, èyí tí a fi nọ́ńbà ṣásí wá, sọ pé máìlì 131,000 ló wà lórí mítà ní 2016 tí wọ́n tà á ní gbàǹjo. Ọkọ̀ wọ Nàìjíríà ní 2017, ọdún kan náà ni pátíkúlà Bàbá bẹ̀rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe jẹ́ 98,412 lónìí? Ẹnì kan ti fà á sẹ́yìn kó tó dé ọwọ́ Bàbá. Iye tó súnmọ́ òótọ́ kò sì ṣòro láti rí. Láti Kúbúwà sí àárín ìlú tó bíi kìlómítà 25, àlọ àtàbọ̀ jẹ́ 50. Tí a bá ka ọjọ́ iṣẹ́ 250 lọ́dún, 12,500 nìyẹn. Bàbá ní òun ń wa ọkọ̀ náà lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, a fún un ní 3,000 sí i. Ọdún mẹ́jọ jẹ́ kìlómítà 124,000, ìyẹn bíi máìlì 77,000. Fi lé 131,000, ó di 208,000. Ìlọ́po méjì ohun tó wà lójú mítà, ọmọkùnrin yìí sì san owó fún mítà.

Mo pe ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Arábìnrin tó gbé e kò bá mi jiyàn. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní kí n fi àwòrán ojú sìkánà yẹn ránṣẹ́, ó sì ní, "Ẹ má bínú sà. Ọ̀gá wa fúnra wọn ni yóò wá." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọ̀gá náà ti dúró lẹ́nu géètì Bàbá. Ó ti pe Bàbá lálẹ́ pé kó má ṣíná. Ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù. Ó yọ gééjì ọ́ìlì, ó nù ún, ó tún un kì bọ̀ ọ́: ọ́ìlì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àmì ìsàlẹ̀. Ó béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn, Bàbá ní kò tíì pé oṣù méjì. Ó tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Méjì gbẹ, àwọ̀ wọn dára. Méjì tó kù ní eérú funfun lẹ́nu, ibi tí a fi ń yí wọn wọlé sì tutù fún ọ́ìlì. Ó dá wọn padà, ó ṣíná, ó jẹ́ kí ọkọ̀ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ló ní kí n dúró sí ẹ̀yìn. Ó tẹ̀ ẹ́ lójijì. Èéfín tó jáde láti ẹnu sàlẹ́ńsà dà bí aró tí a fi omi là, ó sì ń rùn bí ọ́ìlì tó jó.

Àìsàn tí gbogbo ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ yìí, mọ̀ nìyí. Nínú Kámírì 2007 sí 2009, oríńgì tó ń gbá ọ́ìlì padà lára pístìnì máa ń dì pa, ọ́ìlì á gba ibẹ̀ gòkè, á sì jó pẹ̀lú epo. Tòyótà fúnra rẹ̀ kọ ìlànà fún un pé tí ẹ́ńjìnnì bá jẹ ọ́ìlì ju kúọ́ọ̀tì kan lọ láàárín máìlì 1,200, kí wọ́n pààrọ̀ pístìnì àti oríńgì. Ẹ́ńjìnnì Bẹ́líjíọ̀mù tí Bàbá rà, 2AZ náà ni. Wọ́n yọ aláìsàn kan, wọ́n gbé èkejì sí i.

Mo ní kí a wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ méjì kí a wo bí ọ́ìlì ṣe ń lọ. Ọ̀gá gbọn orí. Ó ní ọjọ́ méjì Bàbá kò lè ju kìlómítà 120 lọ, bẹ́ẹ̀ kúọ́ọ̀tì kan ní máìlì 1,200 jẹ́ nǹkan bíi lítà kan ní kìlómítà 1,900. Ohun tí yóò dínkù láàárín ọjọ́ méjì kò ní hàn lójú gééjì. "Ọ́ìlì kọ́ la fẹ́ wò lọ́jọ́ méjì yẹn, kóòdù ni." Lóòótọ́, nígbà tó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì, sìkánà kọ kìlómítà 112, àyẹ̀wò ti parí, `P0420`, kóòdù kátálíìsì, sì ti jáde. Kátálíìsì ti rẹ̀ nítorí ọ́ìlì tó ń jó gba inú rẹ̀ kọjá.

Ibi tí inú mi ti yọ́ ni ìṣírò rẹ̀. Ó jókòó lórí àga pálásítíìkì ní iwájú ilé Bàbá, ó kọ ọ́ síwájú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní Mọ́sù mẹ́ta irú èyí tí òun mọ̀ pé owó ti yípadà lórí wọn láàárín oṣù méjì lọ ní 5,400,000, 5,600,000 àti 5,900,000. Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ wá mú èyí tó ga jù. Òun mú ti àárín, torí pé máìlì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jìnnà sí 200,000. Nítorí náà, kò fi kọ́bọ̀ kan lé e fún máìlì, kò sì yọ kọ́bọ̀ kan.

Bàbá ní, "Ṣé ẹ ò ní ka owó ẹ́ńjìnnì mi ni?"

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Àwọn mẹ́ta yẹn náà ní ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó rà wọ́n ti san owó ẹ́ńjìnnì sínú 5,600,000. Ohun tí 650,000 yín ṣe ni pé ó dá ọkọ̀ yín padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀."

Ó yọ 420,000, èyí tí mẹkáníìkì méjì ní Àpò sọ pé pístìnì, oríńgì, gáskẹ́ẹ̀tì àti iṣẹ́ ọwọ́ yóò gbà. Kò tún yọ owó mìíràn pé ọkọ̀ ti rìn jìnnà, torí pé ohun tí ìrìn jìnnà ń sọ fún olùrà ni àtúnṣe tó ń bọ̀, àtúnṣe yẹn ló sì ti yọ yìí. Ó yọ 100,000 fún kátálíìsì, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n tún oríńgì ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ tuntun náà yóò bàjẹ́. Rìsíìtì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ éésì wà níbẹ̀, kò fi nǹkan kan lé e fún ìyẹn torí éésì àwọn mẹ́ta yòókù ń ṣiṣẹ́. Táyà nìkan ló fowó lé: nọ́ńbà 1125 wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2025 nìyẹn, nígbà tí táyà àwọn tó kù ti gbó. Ó fi 120,000 kún un. Gbogbo rẹ̀ di 5,200,000. Bàbá bojú wo ìwé náà pẹ́, ó ní, "Ó dáa." Iye tí a san nìyẹn.

Tí mo bá tún ní ọkọ̀ tí a fẹ́ díye lé, àwọn náà ni n ó pè, ọ̀gá yẹn ni n ó sì béèrè fún.

Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n tẹ̀ wá lẹ́yìn gbogbo èyí ṣì kọ máìlì 98,412 sókè gàdàgbà, láìsí ọ̀rọ̀ kan nípa 131,000 ti 2016. Mo pè. Arábìnrin náà ní mítà ni ètò àwọn ń gbé e láti inú rẹ̀, àwọn kò lè yí i. Ìwé yẹn ni ẹni tó rà á yóò fi han olùrà mìíràn lọ́jọ́ iwájú, irọ́ mítà sì ti gba òǹtẹ̀ wọn.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.