Bátìrì sólà tí wọ́n tún ṣe fún mi ní Ògùnpa: tuntun àti àlòkù nínú àpótí kan

Orí ọkọ ìyàwó ni mo ń gẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí bátìrì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe fún mi kú pii. Ẹ̀gbẹ́ orí kan ti mọ́, ìkejì ṣì kún, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tẹ fèrè mọ́tò níta. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Bátìrì lítíọ́mù ni, sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni wọ́n tò tẹ̀léra nínú rẹ̀. Ọ̀gá ìsọ̀ yẹn ní méjì péré ló bàjẹ́, kí n má ná owó lásán, òun á fi tuntun rọ́pò wọn. Iléeṣẹ́ mìíràn ló ṣe àwọn tuntun náà. Mo bi í, ó ní, "100Ah náà ló wà lára gbogbo wọn." Ó fi mítà kàn án, ó fi fólítì 13.2 hàn mí, mo sanwó.

Nígbà tí mo gbé e padà, àǹtí tó ń gbowó ò tiẹ̀ wojú mi: "Ẹrù yín ló pọ̀ jù." Kílípà kan àti fáànù kan! Ọ̀gá tún fi mítà kàn án lódindi, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ọmọ iṣẹ́ wọn ló dá mi dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan." Ó gba iná sí i kún, ó so gílóòbù mọ́ ọn, ó sì ń wọn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bí iná ṣe ń lọ. Ó pẹ́ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi jọ wà ní nǹkan bíi fólítì 3.2. Irú sẹ́ẹ̀lì yìí kì í fi àárẹ̀ hàn àfìgbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tí mítà ọ̀gá ò rí nìyẹn. Lójijì, ọ̀kan nínú àwọn àtijọ́ já sí 2.5, pátákó tó ń dáàbò bo bátìrì sì pa gbogbo rẹ̀. Àwọn tuntun ò tíì kúrò ní 3.2.

Ó là á yé mi pé iná kan náà ló ń gba inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá. Bí agbára àtijọ́ bá ti wálẹ̀ láti 100Ah sí 60, 60 ni gbogbo bátìrì máa gbé. Ìyókù inú tuntun ò ṣeé lò. Ká ní pátákó yẹn ò sí, àwọn tuntun á máa ti iná gba inú èyí tó ti tán, wọ́n á sì bà á jẹ́ pátápátá. Bí gbogbo wọn tiẹ̀ jẹ́ tuntun, ti iléeṣẹ́ méjì kì í sábà gbé iná bákan náà, kódà bí 100 bá wà lára méjèèjì.

Inú mi rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n gba méjì yẹn padà, mo fowó lé e, wọ́n sì mú mẹ́rin iléeṣẹ́ kan náà tó jọ dé. Ọmọ náà kọ́kọ́ so pósítífù mọ́ pósítífù, nẹ́gítífù mọ́ nẹ́gítífù, ó gba iná sí wọn títí gbogbo wọn fi dé 3.65, kó tó wá tò wọ́n tẹ̀léra. Ó ń gbé mi dalẹ́ báyìí. Àǹtí yẹn ò tíì bẹ̀ mí, ọ̀gá náà ò sì dá owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ padà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.