Ìlànà wàrà: bí ìwé ṣe sọ ọ́ àti bí ọ̀rẹ́ ṣe ń sọ ọ́

Èyí tá a kọ fún àwọn tó fẹ́ ṣe wàrà n'Ílọrin kà báyìí: “Gbé mílíìkì màlúù kaná. Fi oje ewé bomubomu sí i. Sè é títí yóò fi dì.” Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tí kò ṣe é rí kò ní mọ ìgbà tó dì.

Ọ̀rẹ́ á ní: “Jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ná, kó o tó da oje náà sí i. Má dà á jù o, á korò. Tó o bá rí omi tó ya kúrò lára èyí tó ki, sẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀.”

Tọ̀rẹ́ yìí ni mo fara mọ́, torí ó sọ àmì tójú ń rí. Ìwọ̀n nìkan ló gbàgbé: ewé mélòó fún gálọ́ọ̀nù kan?