Tíkẹ́ẹ̀tì kan àbí méjì, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Kọlọ́ọ̀nì?

Àǹtí mi ní Àgbádárìgì fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù lọ wo ọmọ wọn ní Kọlọ́ọ̀nì, nílẹ̀ Jámánì. Wọ́n lè ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lórí Eurostar, kí wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ ní Brọ́sẹ́lì, tàbí kí wọ́n ra ti Eurostar dé Brọ́sẹ́lì, kí wọ́n ra ti DB, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Jámánì, lọ́tọ̀.

Ti méjì máa ń dín lówó nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ni ti àkọ́kọ́, yúrò ni ti èkejì, báńkì á ṣẹ́ náírà wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn kéré. Ká ní ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù pẹ́ ní ogójì ìṣẹ́jú, tí ti Jámánì sì ti lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì DB tó pọ́ọ́kú kì í kúrò lórí ọkọ̀ tí wọ́n kọ sí i, wọ́n sì lè ní kí Àǹtí ra òmíràn. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan, Eurostar ló máa gbé wọn sínú ọkọ̀ tó kàn.

Ti páásípọ́ọ̀tù ò yàtọ̀: ọlọ́pàá Faransé á yẹ̀ ẹ́ wò ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó wọkọ̀, ẹnu ọ̀nà á sì tì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Fisà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ò tó o, ti Ṣẹ́ńgẹ̀nì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èmi ní kí wọ́n ra ẹyọ kan.